Orúkọ ta ló wà lórí ìwé ìdójútòfò?

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ọ́fíìsì wa, ọdún mọ́kànlá ni mo fi gba fọ́ọ̀mù ìdójútòfò ìlera ti ìjọba àpapọ̀ lọ́wọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ní Ìlọrin níbí. Ọ̀rọ̀ awakọ̀ wa kan, ọmọ Òmù-Àrán, ló là mí lójú. Ó gbé ìyá rẹ̀ wá láti ilé nítorí ojú tó ń ṣú, ó sì mú un lọ sí ilé ìwòsàn tó wà lórí ìwé rẹ̀. Wọ́n wá orúkọ màmá títí, wọn ò rí i. Ó padà wá bá mi pẹ̀lú ìwé owó oṣù lọ́wọ́. "Ẹ̀gbọ́n, ṣebí wọ́n ń yọ owó yìí lóṣooṣù. Ta ni mo wá ń san án fún, bí ìyá mi ò bá sí níbẹ̀?"

Mi ò rí èsì fún un lọ́jọ́ náà, torí èmi gan-an ò tíì ka ìlànà náà tán. Ohun tí mo kà lẹ́yìn náà nìyí: àwọn tí ètò náà ń tọ́jú ni òṣìṣẹ́ fúnra rẹ̀, ọkọ tàbí aya kan ṣoṣo, àti ọmọ bíbí inú mẹ́rin tí kò tíì pé ọdún 18. Ó parí síbẹ̀. Ìyá, bàbá, àbúrò tí a ń tọ́, ìyàwó kejì, gbogbo wọn wà níta, àfi bí òṣìṣẹ́ bá san owó ọ̀tọ̀ lé e fún wọn.

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé iye ọmọ ló ń pinnu owó tí wọ́n ń yọ. Owó oṣù ìpìlẹ̀, láìka àjẹmọ́nú, ni wọ́n fi ń ṣírò rẹ̀: ìdá 5 nínú 100 láti ọwọ́ òṣìṣẹ́, ìdá 10 láti ọwọ́ agbanisíṣẹ́. Bí owó ìpìlẹ̀ bá jẹ́ ₦60,000, òṣìṣẹ́ á san ₦3,000, agbanisíṣẹ́ á san ₦6,000. Àpọ́n ń san iye yẹn, ẹni tó ní aya àti ọmọ mẹ́rin náà ń san án. Ìdí nìyẹn tí ó fi ń dùn mí bí bàbá ọlọ́mọ bá fi àyè orúkọ sílẹ̀ lófìfo.

Awakọ̀ yìí bí ọmọ márùn-ún. Èmi ni mo kọ orúkọ wọn sílẹ̀ láti orí àkọ́bí wá, bí a ṣe máa ń ka ọmọ nílé. Àkọ́bí ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pé ọdún 18 nígbà náà. Láàárín oṣù mélòó kan, ó ti kọjá ààlà, àyè rẹ̀ ṣófo, àbíkẹ́yìn tí ibà ń yọ lẹ́nu kò sì sí lórí ìwé. Àpò ara rẹ̀ ni bàbá wọn fi ń san owó ìtọ́jú rẹ̀ títí mo fi rí àṣìṣe mi, tí a sì kọ fọ́ọ̀mù tuntun láti fi kékeré rọ́pò àgbà. Láti ọjọ́ yẹn, ọjọ́ ìbí ni mo máa ń kọ́kọ́ wò, mo sì máa ń kọ oṣù tí ọmọ kọ̀ọ̀kan á pé 18 sí ẹ̀yìn fáìlì bàbá rẹ̀.

Ti ohun tí ètò náà kì í san, ojú ọmọbìnrin rẹ̀ kejì ni mo fi mọ̀ ọ́n. Kò rí ohun tí olùkọ́ ń kọ sójú pátákó mọ́. Dókítà yẹ ojú rẹ̀ wò lábẹ́ ìdójútòfò, kò gba kọ́bọ̀. Wọ́n kọ ẹ̀kán ojú fún un. Ìdá 10 nínú 100 owó oògùn ni bàbá rẹ̀ san, ₦320 lórí oògùn ₦3,200. Àmọ́ nígbà tó kan awò ojú, wọ́n ní kó san gbogbo rẹ̀. Àyẹ̀wò ojú wà nínú ètò, awò kò sí níbẹ̀. Bákan náà ni eyín: wọ́n á yọ èyí tó ń dunni, ṣùgbọ́n eyín àtọwọ́dá tàbí fífi ìbòrí bo eyín, owó ara ẹni ni. Iṣẹ́ abẹ fún ẹwà, ìtọ́jú tí wọ́n fi ń so oyún nínú ìgò fún ẹni tó ń wá ọmọ, àti ìtọ́jú ẹni tí oògùn olóró ti di bárakú fún, gbogbo wọn ló wà níta. Ìpalára ẹnu iṣẹ́ náà kò sí níbẹ̀, torí ètò mìíràn ló ń sanwó fún un.

Ibi tí àríyànjiyàn ti ń pọ̀ jù ni ìgbà tí wọ́n bá darí aláìsàn sí ilé ìwòsàn ńlá. Ilé ìwòsàn àkọ́kọ́, ìyẹn èyí tó wà lórí ìwé òṣìṣẹ́, gbọ́dọ̀ gba kóòdù àṣẹ lọ́wọ́ iléeṣẹ́ alábòójútó ètò náà, tí wọ́n ń pè ní HMO, kí aláìsàn tó lọ. Ẹni tó bá dá ara rẹ̀ lọ láìní kóòdù, tí kì í sì í ṣe pàjáwìrì, òun ni yóò san án. Ẹ sọ fún wọn pé kí wọ́n bèèrè kóòdù náà kí wọ́n tó wọ mọ́tò.

Ìyá awakọ̀ yìí ńkọ́? Ètò ìdójútòfò ìlera ti ìpínlẹ̀ Kwara la gbà á nímọ̀ràn pé kó fi màmá sí, kó máa san tirẹ̀ lọ́tọ̀. Ó ní òun ì bá ti ṣe é tipẹ́, ká ní ẹnì kan sọ fún òun lọ́jọ́ tí òun kọ fọ́ọ̀mù. Èmi ni mo gba fọ́ọ̀mù náà lọ́wọ́ rẹ̀.