Kókó àmàlà tí ọkọ pè ní ẹran

Ọjọ́rú, Ìbàdàn.

Obìnrin kan kọ ọ̀rọ̀ sábẹ́ fídíò ewédú tí mo gbé sórí TikTok. Ó ní: “Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí. Gbogbo ìgbà tí mo bá rokà ló máa ń ní kókó. Lálẹ́ àná, ọkọ mi bu òkèlè, ó jẹ ẹ́, ó ní, ‘Ìyàwó mi, o ṣeun o, o tún fi ẹran sínú àmàlà.’” Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Mo sì mọ̀ pé ìdáhùn ìlà méjì kò lè tán ọ̀rọ̀ yìí, torí ẹni tí ọkà ń yọ lẹ́nu fẹ́ fojú rí ọwọ́ ẹni tó ń rò ó. Fídíò ni màá fi dá a lóhùn. Àtàárọ̀ ni mo ti ń ro bí yóò ṣe rí.

Bí èèyàn bá tẹ ibi ìdáhùn lábẹ́ kọ́mẹ́ǹtì, tó wá tẹ àwòrán kámẹ́rà, kọ́mẹ́ǹtì náà á lẹ̀ mọ́ ojú fídíò bíi sítíkà, orúkọ ẹni tó kọ ọ́ á sì hàn lórí rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi kọ́kọ́ fi iṣẹ́ ránṣẹ́ sí obìnrin náà kí n tó ṣe ohunkóhun. Ìtàn ilé rẹ̀ ni, ọkọ rẹ̀ sì wà níbẹ̀. Ó dá mi lóhùn pé kí n máa ṣe é lọ, ọkọ òun gan-an ló ní kí òun wá bi mí.

Àbúrò mi ọkùnrin tó máa ń bá mi ya fídíò ti ní èrò tirẹ̀. “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ kí ìyá ọkọ já wọlé, kó gba orógùn lọ́wọ́ ìyàwó, kó máa pariwo lé e lórí.” Àwọn èèyàn á rẹ́rìn-ín sí i lóòótọ́, ṣùgbọ́n n kò gbà. Ẹni tó béèrè ọ̀rọ̀ ni ẹ̀rín yẹn máa bà lé, ta ló sì máa tún béèrè nǹkan lọ́wọ́ mi lẹ́yìn ìyẹn? Ohun tó tún burú níbẹ̀ ni pé bí a bá yọ ìyá ọkọ kúrò, ẹ̀kọ́ bí a ṣe ń rokà kò ní yí padà. Ẹ̀rín wà lọ́tọ̀, ìmọ̀ràn wà lọ́tọ̀. Irú fídíò bẹ́ẹ̀, ẹ̀rín nìkan ni àwọn èèyàn máa ń rántí. Ohun tí mo fẹ́ ni kí ẹ̀rín àti ẹ̀kọ́ jókòó sórí nǹkan kan náà, obìnrin yìí sì ti bá mi mú un wá: kókó tí ọkọ rẹ̀ pè ní ẹran.

Nítorí náà, kókó ni màá fi ṣe olórí eré. Bí ẹ bá mú kókó ńlá kan nínú àmàlà tí ẹ sì fi ọwọ́ là á sí méjì, ẹ ó rí i pé ara rẹ̀ dúdú, ó ń dán, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ funfun, èlùbọ́ gbígbẹ ló kún un. Ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyẹn gan-an. Nígbà tí a da èlùbọ́ díẹ̀díẹ̀ sínú omi tó ń hó yaya, tí a kò tètè rò ó, ẹ̀yìn ìṣù kọ̀ọ̀kan jinná lẹ́ẹ̀kan náà, ó sì di awọ. Omi kò ráyè wọ inú mọ́. Bí a bá wá tún bu omi sí i lórí láìtíì tẹ̀ ẹ́ fọ́, ńṣe ni kókó á máa yọ̀ bọ̀rọ́ lábẹ́ orógùn, kò ní fọ́ mọ́.

Ìmọ̀ràn kan ṣoṣo ni màá fi sínú fídíò náà: gbé ìkòkò kúrò lórí iná kí o tó da èlùbọ́. Omi á ti hó dáadáa, wàá bu ife kan lára rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, wàá sọ ìkòkò kalẹ̀, wàá da èlùbọ́ tí o ti jọ̀ sí i lẹ́ẹ̀kan náà, wàá sì máa rò ó kíákíá. Èyí tó bá fẹ́ di kókó, fi orógùn tẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ìkòkò nígbà tí ọkà ṣì le. Ẹ̀yìn ìyẹn ni omi tó wà nínú ife máa wọlé díẹ̀díẹ̀, tí wàá dé e sórí iná kékeré kó hó jinná, kí o tó tún un rò. Nǹkan bí ife omi méjì sí ife èlùbọ́ kan ni mo máa ń fi bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n èlùbọ́ kò mu omi bákan náà, ìdí nìyí tí ife ẹ̀gbẹ́ yẹn fi wà. Mo fẹ́ sọ̀rọ̀ èlùbọ́ àtijọ́ àti èyí tí kòkòrò ti jẹ, mo yọ ọ́. Kókó ni wọ́n bi mí.

Báyìí ni fídíò ṣe máa lọ. Sítíkà kọ́mẹ́ǹtì á wà lókè fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rin, kí ẹni tí kì í kàwé yára lè kà á tán. Àbúrò mi, tó máa ṣe ọkọ, á bu òkèlè, á jẹ ẹ́, ojú rẹ̀ á tàn: “Ẹran!” Èmi á gba kókó náà lọ́wọ́ rẹ̀ láìsọ̀rọ̀, màá là á níwájú kámẹ́rà. Èlùbọ́ funfun á dà sílẹ̀. Àwọn tó ń wò á rẹ́rìn-ín, wọ́n á sì ti rí àrùn náà kí n tó la ẹnu. Ibẹ̀ ni a ó ti wọ ìdí ìkòkò, tí n ó fi ohùn mi tẹ̀lé iṣẹ́ ọwọ́ mi. Níkẹyìn, àmàlà tó jọ̀lọ̀ á dé iwájú ọkọ. Á fi ìka wá a lápá ọ̀tún, á wá a lápá òsì, á ní: “Ẹran mi dà?” Mo gé e síbẹ̀. Ìbéèrè yẹn ló fi hàn pé kókó ti lọ, n kò nílò láti ṣàlàyé.

Nípa yíyà á, fóònù kò gbọ́dọ̀ wà lókè ìkòkò, torí ooru á bo ojú kámẹ́rà ní kíá. Ẹ̀gbẹ́ ló máa dúró sí, kí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé sì gba ẹ̀gbẹ́ kejì wọlé, nítorí àmàlà dúdú: bí ìmọ́lẹ̀ bá ti iwájú wá, kókó àti èyí tó jọ̀lọ̀ á rí bákan náà. Sítíkà kò gbọ́dọ̀ sún mọ́ apá ọ̀tún tàbí ìsàlẹ̀, ibẹ̀ ni àwọn àmì ọkàn àti ọ̀rọ̀ abẹ́ fídíò máa ń bò.

Ìkòkò tó burú la máa kọ́kọ́ yà lọ́la. Mo ní láti mọ̀ọ́mọ̀ rokà tó ní kókó, èlùbọ́ díẹ̀, omi tó ń hó, kí n fi orógùn sílẹ̀. Àbúrò mi ti ní òun kò ní jẹ ju ẹyọ kan lọ.