Ìdáhùn sí "Ṣé àlàáfíà ni?" nígbà tí ara ilé kò yá

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìjọba ní Alágbàká níbí ní Àkúrẹ́, ohun tí iṣẹ́ kọ́ mi ni pé ìkíni òwúrọ̀ kì í ṣe ìbéèrè kan ṣoṣo. Ọ̀gá á béèrè àlàáfíà, á béèrè ilé, á béèrè àwọn ọmọ, òótọ́ tí a fẹ́ sọ sì ní ibi tí ó yẹ ẹ́ láàárín wọn.

Ẹ jẹ́ kí a wo òṣìṣẹ́ tí ibà ọmọ rẹ̀ kò jẹ́ kí ó sùn mọ́jú. Bí ọ̀gá bá ní, "Ṣé dáadáa ni?", "A dúpẹ́, mà" ti tó, kì í sì í ṣe irọ́, nítorí ẹni tí nǹkan kò rọrùn fún náà ń dúpẹ́. Ìgbà tí ọ̀gá bá dé orí "Àwọn ọmọ ńkọ́?" ni kí ó tó sọ pé: "Wọ́n wà, mà. Ara àbíkẹ́yìn ni kò yá lálẹ́ àná, ṣùgbọ́n ó ti ń lo oògùn." Ó ti sọ ìṣòro náà, ó sì ti sọ ohun tí wọ́n ṣe sí i. Iye ìgbà tí ọmọ bì, owó tí wọ́n gbà nílé ìwòsàn àti ọ̀rọ̀ tí ìyá ọkọ sọ kò sí níbẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ náà yóò bá kan iṣẹ́, kí ó fi kún un pé òun fẹ́ tọrọ àyè ní aago 12.

Ohun tí mo rí pé àwọn ọ̀dọ́ kì í sábà kíyè sí ni àdúrà. Bí ọ̀gá bá ti ní, "Ọlọ́run á wò ó sàn o", ó ti pa ọ̀rọ̀ náà dé tìfẹ́tìfẹ́. Ẹ ṣe "Àmín, ẹ ṣé, mà", kí ẹ sì dákẹ́. Ṣùgbọ́n bí ó bá béèrè pé, "Kí ni dókítà sọ?", ẹ dá a lóhùn, kí ó má kọjá ohun tí dókítà sọ. Bí àlejò bá wà nínú ọ́fíìsì, "Wọ́n wà, mà" tó, kí ẹ padà lọ bá a tí àlejò bá lọ.

Láàárín ẹgbẹ́, ọ̀rọ̀ rọrùn jù bẹ́ẹ̀ lọ. "Ọmọ ò jẹ́ ká sùn o, ibà ni" ṣeé sọ nídìí oúnjẹ ọ̀sán. Àìsàn ọmọ yín jẹ́ tiyín láti sọ, ṣùgbọ́n bí iṣẹ́ bá bọ́ lọ́wọ́ ọkọ tàbí aya yín, òun ló ni ọ̀rọ̀ yẹn.

Àwọn àgbà àdúgbò àti ẹbí wá yàtọ̀ pátápátá. Bí ìyá onílé bá kí yín láàárọ̀, tí ẹ ní dáadáa ni, tí ó sì gbọ́ nírọ̀lẹ́ pé ẹ gbé ọmọ lọ sí ilé ìwòsàn, yóò dùn ún wọnú egungun: "Ṣé mi ò tó ẹni tí ẹ lè sọ fún ni?" Fún irú wọn, ẹ sọ àìsàn náà àti ibi tí ọmọ wà, torí wọn yóò fẹ́ wá wò ó. Gbèsè tí ìtọ́jú dá sílẹ̀ lè dúró títí wọn yóò fi béèrè ohun tí ó kù tí ẹ nílò.