Òwe tí ọmọ pa fún bàbá àgbà lójú gbogbo wa

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kó ọmọ jọ láti pa àlọ́, ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbọ́ tèmi kó tó ṣẹlẹ̀ sí yín. Ọ̀rọ̀ yìí ò tíì pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ojú ṣì ń tì mí.

Ọmọ mẹ́sàn-án ló ń wá sí fàràńdà wa n'Íbàdàn nírọ̀lẹ́ Sátidé, èyí tó kéré jù jẹ́ ọmọ ọdún 6, èyí tó dàgbà jù jẹ́ 11. Ilẹ̀ á kọ́kọ́ ṣú, ẹ ṣáà mọ̀ pé a kì í pa àlọ́ lọ́sàn-án. Àlọ́ àpamọ̀ mẹ́ta mẹ́rin la fi ń là wọ́n lẹ́nu, lẹ́yìn náà igbá kékeré kan á máa yí po, ẹni tó bá kàn á fi gbólóhùn méjì péré kún ìtàn. Tẹ́lẹ̀ mo máa ń kọ òwe sójú pátákó kí wọ́n há a sórí, wọ́n á kà á gbuurugbu, tó o bá bi wọ́n nítumọ̀ wọ́n á máa wojú ẹ. Ìgbà tó yá mo wá ń fi òwe pamọ́ sínú, ìbéèrè ni mo fi ń darí wọn débẹ̀.

Lálẹ́ ọjọ́ tí mò ń wí yìí, wọ́n ní Ìjàpá ra àpò ìrẹsì ní Bódìjà, ó bẹ Ọ̀kẹ́rẹ́, Òkété àti Ehoro kí wọ́n bá òun rù ú, pé òun á fún wọn lóúnjẹ lọ́nà. Ẹnì kan fẹ́ kó Sípáídámáànù wọ̀ ọ́, mo ní kó dúró sí géètì ná. Wọ́n dá orin, "Ìjàpá bù fún wa o", àwọn tí Yorùbá ò já gaara lẹ́nu wọn ló ń gbe ègbè, òun náà sì jẹ́ kí wọ́n rí nǹkan sọ. Ìjàpá dá àmàlà jẹ, ó lá abọ́. Ibẹ̀ ni mo ti dá ìtàn dúró, mo ní ta ló máa wá ru ìrẹsì délé báyìí? Ọmọkùnrin kan tó jẹ́ ọdún 8 pariwo pé "òun fúnra ẹ̀ náà ni!" Mo wá sọ ọ́: àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Ó yé wọn bí omi mímu. Inú mi dùn bíi pé mo jẹ tẹ́tẹ́.

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, a ní káwọn òbí wá wòran. Bàbá àgbà ọmọ kan jókòó ti àwo àkàrà, wọ́n ń jẹ, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, kò kù ju mẹ́ta lọ, àwọn ọmọ ń wò, wọ́n jẹ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Nígbà tí wọ́n fẹ́ máa lọ, wọ́n pe ọmọ ọdún 8 yẹn pé kó bá àwọn gbé báàgì dé ìdí mọ́tò. Ọmọ yìí ò janpata o, ó dúró ṣinṣin, ó kó ọwọ́ sẹ́yìn, ó sì pa òwe náà látòkè délẹ̀.

Gbogbo fàràńdà dákẹ́. Mo gbọ́ ìró jẹnẹrétọ̀ ilé kejì. Bàbá wo ọmọ, wọ́n wo àwo àkàrà, wọ́n wá wojú mi. "Ṣé ohun tẹ́ ẹ̀ ń kọ́ wọn nìyí?" Ìyá ọmọ náà ti fà á létí kí n tó kúnlẹ̀. Èyí tó dùn mí jù ni pé òwe náà bá a mu rẹ́gí! Kò sí àgbà tó lè pa á kó bọ́ sí i jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Lọ́jọ́ kejì mo lọ bẹ bàbá, wọ́n gbà, wọ́n tiẹ̀ rẹ́rìn-ín, ó parí.

Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ ò ju èyí lọ: mo kọ́ wọn ní ìtumọ̀, mi ò kọ́ wọn ní ẹni tí wọ́n lè pa á fún. (Ẹ má bi mí pé kí ló dé tí mi ò ti mọ̀, èmi náà rò pé ilé ni wọ́n ti ń kọ́ ọ ni.) Ní báyìí, tí òwe bá ti jáde, ọmọ méjì á dìde, ọ̀kan á ṣe àgbà. Èyí tó ṣe ọmọdé á ní "ẹ̀yin àgbà lẹ máa ń sọ pé," á pòwe, á ní "tótó, ó ṣe bí òwe o", àgbà á dá a lóhùn pé "wàá rí òmíràn pa." Tá a bá ti ṣe é lẹ́ẹ̀mẹta ó ti wọlé. Ṣùgbọ́n tótó náà ò tó fún gbogbo òwe. Èyí tó bá bá àgbà wí, bíi ti àjẹìwẹ̀yìn yìí, ọmọdé ò gbọdọ̀ kọjú ẹ̀ sí wọn rárá, inú ìtàn ni kó ti máa lò ó, tàbí fún ẹgbẹ́ ẹ̀ tó dá bisikíìtì jẹ. Mo wá ń bi wọ́n lórí òwe kọ̀ọ̀kan: ta ló lè pa á, ta la lè pa á fún? Àwọn ọmọ ọdún 6 ò tíì dá a mọ̀ dáadáa, igbá gidi ni wọ́n ṣì ń rò pé à ń sọ, mo fi wọ́n sílẹ̀ sídìí orin.

Ọmọ ọdún 8 yẹn ti padà wá ní Sátidé tó kọjá. Òùngbẹ gbẹ ẹ́, ó kúnlẹ̀, ó ní "tótó o, ẹ jọ̀ọ́ mo fẹ́ mu omi."