Ìrù ọ̀rọ̀ nínú àtẹ̀jíṣẹ́ sí aládùúgbò: ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ nípa èdè Swídìn

Àwọn ọmọ Yorùbá tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Swídìn máa ń fi ohun tí wọ́n kọ ránṣẹ́ sí mi kí n bá wọn yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ ó rò pé lẹ́tà ìjọba ló máa ń fún wọn ní wàhálà jù. Rárá o. Lẹ́tà ìjọba ní àpẹẹrẹ tí èèyàn lè wò kọ. Àtẹ̀jíṣẹ́ ìlà mẹ́rin sí ẹni tó ń gbé nísàlẹ̀ ilé ló le, torí pé gbogbo ohun tí a bá dárúkọ níbẹ̀, a ní láti pinnu bóyá ẹni tí à ń kọ̀wé sí ti mọ̀ ọ́n tàbí kò tíì mọ̀ ọ́n, kí a sì fi ìdí ọ̀rọ̀ náà, èyí tí mò ń pè ní ìrù, sọ ọ́.

Ẹ wo èyí tí àbúrò mi kan kọ. Ó ń lọ sí SFI, ẹ̀kọ́ èdè tí wọ́n ń ṣe lọ́fẹ̀ẹ́ fún àwọn tó ṣí wá sí Swídìn. Ní ọ̀pọ̀ ilé fúláàtì níhìn-ín, gbogbo ayálégbé ló jọ ń lo yàrá ìfọṣọ kan, ìsàlẹ̀ ilé ló sì sábà máa ń wà. Oníkálukú á gba àkókò tirẹ̀ sílẹ̀. Ibẹ̀ ni ó ti rí kọ́kọ́rọ́ kan he, ó sì fura pé ti obìnrin tó ń gbé nísàlẹ̀ òun ni. Ó fẹ́ sọ fún un pé òun ń gbé ní fúláàtì tó wà lókè rẹ̀, pé lánàá òun rí kọ́kọ́rọ́ kan ní yàrá ìfọṣọ, lẹ́yìn ẹ̀rọ ìfọṣọ ńlá, pé ó ní okùn pupa, ṣé tirẹ̀ ni? Òun á wà nílé lọ́la látàárọ̀ dalẹ́, ṣùgbọ́n òun máa rìnrìn àjò ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ohun tó kọ nìyí:

```
Hej!
Jag bor i lägenhet ovanför dig. Igår hittade jag
nyckeln i tvättstuga. Nyckel låg bakom den stora
tvättmaskin. Den har rött bandet. Är det din nyckeln?
Jag är hemma hela dag i morgon, men nästa veckan
reser jag bort.
```

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wò ó, ṣé mo lè fi ránṣẹ́?” Mo yìn ín lórí ohun kan: ó kọ “Igår hittade jag”, kò kọ “Igår jag hittade”. Ó máa ń pẹ́ kí ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ tó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ìṣe ló gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé “àná” ní èdè yìí. Ìrù àwọn ọ̀rọ̀ orúkọ nìkan ló kù tó ń ṣe é.

Ohun tó fà á kò ṣòro láti rí. Tiwa kì í yí padà. Kọ́kọ́rọ́ ni kọ́kọ́rọ́, yálà a ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ dárúkọ rẹ̀ ni tàbí a ti ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ láti àárọ̀. Bí a bá fẹ́, a fi “kan” tàbí “náà” tì í, bí a kò bá fẹ́, a fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ní èdè Swídìn, ohun tó dà bí “kan” máa ń ṣáájú, àwọn ọ̀rọ̀ kan ń gba en, àwọn mìíràn ń gba ett: en nyckel, kọ́kọ́rọ́ kan, ett band, okùn kan. Ohun tó dà bí “náà” a wá di ìrù lẹ́yìn ọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀: nyckeln, bandet. Kò sí àyè láti má pinnu.

Nígbà tí ènìyàn bá fẹ́ ṣe àtúnṣe irú ìwé yìí, ohun tó máa kọ́kọ́ wù ú ni kó béèrè pé, “ṣé -en ni àbí -et?” Mo ti kọ́ pé ìbéèrè yẹn ló yẹ kó gbẹ̀yìn, torí pé ìwé atúmọ̀ èdè lè dáhùn rẹ̀. Èyí tí ìwé kankan kò lè dáhùn fún wa ni: ṣé ẹni tí mò ń kọ̀wé sí ti mọ èwo ni mò ń sọ? Òun ni mo kọ́kọ́ ní kí àbúrò mi bi ara rẹ̀.

A bẹ̀rẹ̀ láti orí kọ́kọ́rọ́. Mo bi í pé, “Ṣé o ti bá obìnrin yìí sọ̀rọ̀ kọ́kọ́rọ́ rí?” Ó ní rárá. Bó bá wá ka “Igår hittade jag nyckeln”, á dúró á ronú pé kọ́kọ́rọ́ wo nìyẹn, ṣé ẹnì kan ti bá òun sọ ọ́ tẹ́lẹ̀ ni? Ìgbà àkọ́kọ́ tí kọ́kọ́rọ́ wọ inú ọ̀rọ̀ nìyí, nítorí náà en nyckel ló yẹ. Ṣùgbọ́n nínú gbólóhùn tó tẹ̀ lé e, kọ́kọ́rọ́ yẹn ti di mímọ̀, ó sì gbọ́dọ̀ ní ìrù: Nyckeln låg. Òdì kejì gan-an ló kọ: ó fi ìrù sí ti àkọ́kọ́, ó sì bọ́ ọ kúrò lára ti ẹ̀ẹ̀kejì. Mo máa ń rí èyí púpọ̀, mo sì rò pé àwọn ilé ẹ̀kọ́ ló fà á díẹ̀, torí pé wọ́n ń kọ́ni ní ìrù lórí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, nígbà tó jẹ́ pé inú gbólóhùn méjì tó tẹ̀ léra ni ìrù ti ń ní ìtumọ̀.

Ó wá bi mí pé, “Yàrá ìfọṣọ ńkọ́? Mi ò tíì dárúkọ rẹ̀ tẹ́lẹ̀, ṣé kì í ṣe en tvättstuga ni?” Ìbéèrè tó dára nìyẹn. Kì í ṣe inú ìwé nìkan ni nǹkan ti ń di mímọ̀. Ilé kan náà ni àwọn méjèèjì ń gbé, yàrá ìfọṣọ kan ló sì wà níbẹ̀, nítorí náà i tvättstugan ni láti ìbẹ̀rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni hissen, ẹ̀rọ tó ń gbé ènìyàn lọ sókè, trappan, àtẹ̀gùn ilé, porten, ẹnu ọ̀nà àbáwọlé, àti soprummet, yàrá ìdalẹ̀nù. Nínú àtẹ̀jíṣẹ́ láàárín ará ilé kan náà, gbogbo ohun tó jẹ́ ti ilé ló sábà máa ń ní ìrù láìṣẹ̀ṣẹ̀ dárúkọ wọn. Bó bá kọ i en tvättstuga, á dà bíi pé yàrá ìfọṣọ kan níbòmíràn ni ó ti rí i.

Èyí tó gbádùn mọ́ mi jù ni lägenhet. “Jag bor i lägenhet” kì í ṣe àṣìṣe bó bá dá dúró. Ó túmọ̀ sí pé fúláàtì ni mò ń gbé, kì í ṣe ilé àdágbé. Bí ọ̀rọ̀ bá jẹ́ ti irú nǹkan tàbí ìlò rẹ̀, tí kì í ṣe ti ọ̀kan pàtó, àwọn ará Swídìn náà máa ń fi ọ̀rọ̀ sílẹ̀ láìní en, láìní ìrù. “Har du nyckel?” ń béèrè bóyá o ní ohun tí o lè fi ṣílẹ̀kùn wọlé, “Har du nyckeln?” ń béèrè kọ́kọ́rọ́ kan tí a jọ mọ̀. Ṣùgbọ́n gbàrà tí àbúrò mi fi “ovanför dig”, òkè rẹ, kún un, fúláàtì kan ṣoṣo ló kù tó lè jẹ́: lägenheten.

Lẹ́yìn èyí ni a tún gba inú ìwé náà kọjá lẹ́ẹ̀kan sí i, tí a ń wo ọ̀rọ̀ tó ṣáájú ọ̀rọ̀ orúkọ nìkan. Ibí yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìtumọ̀ mọ́, òfin ni. Àwọn ọ̀rọ̀ kan ń lé ìrù jáde, àwọn mìíràn sì ń béèrè fún un.

Ọ̀rọ̀ tó ń sọ ẹni tó ni nǹkan ń lé e jáde: din nyckel, kọ́kọ́rọ́ rẹ, min nyckel, kọ́kọ́rọ́ mi, grannens nyckel, kọ́kọ́rọ́ aládùúgbò. Ó ṣe àjèjì sí àbúrò mi, torí pé kọ́kọ́rọ́ obìnrin yẹn hàn gbangba, ta ni kò mọ̀ ọ́n? Àlàyé mi ni pé din ti ṣe iṣẹ́ yẹn tán, ìrù kò rí nǹkan kan ṣe mọ́. (Ní Nọ́wè tó múlé tì wọ́n, wọ́n máa ń sọ nøkkelen din pẹ̀lú ìrù, àwọn ará àríwá Swídìn náà sì máa ń sọ irú rẹ̀ lẹ́nu. Ẹ má kọ ọ́ síwájú olùkọ́ SFI.)

Den, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀rọ̀ àpèjúwe, ń béèrè fún ìrù. Den stora tvättmaskinen: den wà níwájú, -en wà lẹ́yìn, méjèèjì ń sọ ohun kan náà. Ó dà bí àsọtúnsọ lójú wa, ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ nìyẹn. Den här, “yìí”, náà ń béèrè fún un: den här nyckeln. Rött bandet wá fi ìdajì méjì tí kò bára mu pọ̀. Obìnrin yẹn kò tíì gbọ́ nípa okùn kankan, nítorí náà ett rött band. Bó bá ti mọ̀ ọ́n ni, det röda bandet ni ì bá jẹ́. Ẹ kíyè sí i pé rött ti di röda. Ọ̀rọ̀ àpèjúwe máa ń tú àṣírí: bí ẹ bá rí rött pẹ̀lú bandet, ọ̀kan nínú méjèèjì ní láti yí padà.

Ọ̀rọ̀ àkókò ló kù, wọn kò sì ní àlàyé tó tẹ́ mi lọ́rùn. Hela fẹ́ ìrù, hela dagen, látàárọ̀ dalẹ́. Varje kò fẹ́ ẹ, varje dag, ojoojúmọ́. Förra veckan, ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ní ìrù. Nästa vecka, ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, kò ní. Ẹ há a sórí ní méjì méjì bẹ́ẹ̀ yẹn.

Nígbà yìí ni ó wá kan -en àbí -et, kò sì pẹ́. Àwọn ọ̀rọ̀ en ló pọ̀ jù. Èyí tó bá parí sí -het, en ni. Nínú ọ̀rọ̀ alápapọ̀, apá ìkẹyìn ló ń pinnu, nítorí náà bí maskin bá jẹ́ en, tvättmaskin náà jẹ́ en. Ọ̀rọ̀ en tó bá parí sí -a gba -n nìkan, tvättstugan, bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ en tó parí sí -el, nyckeln, kì í ṣe nyckelen. Èyí tó bá rú yín lójú, ẹ tẹ̀ ẹ́ sínú svenska.se, ìwé atúmọ̀ èdè Svenska Akademien wà níbẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, á sì fi gbogbo ìrù ọ̀rọ̀ náà hàn yín. Ẹ ṣọ́ra fún band: banden kì í ṣe okùn ẹyọ kan, àwọn okùn náà ni; ti ẹyọ kan ni bandet.

Ohun tó fi ránṣẹ́ nìyí:

```
Hej!
Jag bor i lägenheten ovanför dig. Igår hittade jag
en nyckel i tvättstugan. Nyckeln låg bakom den stora
tvättmaskinen. Den har ett rött band. Är det din nyckel?
Jag är hemma hela dagen i morgon, men nästa vecka
reser jag bort.
```

Ká ní kọ́kọ́rọ́ méjì ni ó rí, ètò ìbéèrè wa kò ní yí padà, ìrù nìkan ló máa yàtọ̀: två nycklar ní àkọ́kọ́, nycklarna ní ẹ̀ẹ̀kejì, dina nycklar ní ìparí.

Ìkìlọ̀ kan ṣoṣo ni mo ṣe fún un nípa èsì tó lè gbà. Nínú ìwé, denna, tí òun náà túmọ̀ sí “yìí”, kò fẹ́ ìrù: denna nyckel. Ṣùgbọ́n ní ìwọ̀-oòrùn àti gúúsù Swídìn, ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń sọ denna nyckeln, wọ́n sì ń kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ lórí fóònù. Bí aládùúgbò bá kọ ọ́ sí yín, kò ṣàṣìṣe, bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ nílé wọn ni. Bí ìdánwò bá kù sí dẹ̀dẹ̀, ẹ lo den här nyckeln, ibi gbogbo ni wọ́n ti gbà á.