Ẹ La Àárín Ọmọ Ìka Ẹsẹ̀ Wò

Ó pé ọdún 25 lóṣù tó kọjá tí mo ti ń ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì, Ìlọrin níbí ni mo sì ti ń ṣe é láti ìbẹ̀rẹ̀. Mo ti ní in lọ́kàn láti kọ ẹ̀kọ́ mẹ́ta sílẹ̀ nípa làpálàpá ẹsẹ̀ fún ẹ̀yin àbúrò mi. Ohun tó jẹ́ kí n jókòó kọ ọ́ lónìí ni ohun tí mo rí lọ́jọ́ Ajé. Ọ̀kan nínú yín wo ẹsẹ̀ ọlọ́kadà kan láti orí àga tó jókòó sí, ó kọ "ẹ́kísímà" sínú káàdì, ó sì ní kí ọkùnrin náà lọ ra ìpara alápapọ̀ yẹn, èyí tí wọ́n po oògùn oríṣi mẹ́ta mọ́ inú túùbù kan. Kò dìde. Kò fọwọ́ kan ẹsẹ̀ náà. Inú mi bàjẹ́, torí pé ohun tí èmi náà ṣe gẹ́lẹ́ nìyẹn nígbà kan, ẹnìkan sì jìyà rẹ̀.

Ẹ̀kọ́ kìíní kò gùn: kì í ṣe gbogbo ẹsẹ̀ tó ń bó ni làpálàpá. Ẹni tó bá wọ bàtà òjò láti àárọ̀ di alẹ́, òógùn á rin ẹsẹ̀ rẹ̀, awọ á funfun, á hunjọ, á máa ṣí. Gbogbo àlàfo ọmọ ìka ló máa ń rí bẹ́ẹ̀, lẹ́sẹ̀ méjèèjì, kì í sì í sábà yún. Tó bá bọ́ bàtà, tó ń nu ẹsẹ̀ gbẹ, tí atẹ́gùn ń fẹ́ sí i, láàárín ọjọ́ mélòó kan ó ti ń lọ. Òmíràn tún wà tó máa ń bó ní àtẹ́lẹsẹ̀ ní òbírí kéékèèké, bí ẹni pé awọ wú kó tó tú, tí kò ní omi nínú, tí kò yún, tó sì sábà máa ń wà ní àtẹ́lẹwọ́ náà. Ooru àti òógùn sábà máa ń mú kí ìyẹn le sí i. Ìpara làpálàpá kò ní iṣẹ́ kankan tó máa ṣe níbẹ̀.

Ẹ̀kọ́ kejì ni ti Àáfà.

Àáfà yìí ń kọ́ àwọn ọmọ ní kéú ní agbègbè Pákàtà. Ọkùnrin jẹ́jẹ́ ni, ó ti lé ní àádọ́ta ọdún. Ó wọlé wá lásìkò òjò, ó bọ́ bàtà dúdú àti ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀, ó sì na ẹsẹ̀ ọ̀tún sí mi. Òkè ẹsẹ̀ náà pupa, ó ní ìpẹ́ wẹ́wẹ́, ó ń yún un dé ibi tí kò fi lè sùn. Mo wo bàtà, mo wo ẹsẹ̀, mo ní, "Àáfà, bàtà yìí ló ń bá yín jà. Ẹ́kísímà ni." Mo kọ bẹ́tamẹ́tasóònù, tó jẹ́ ìpara sítẹ́rọ́ìdì, fún wọn, kí wọ́n máa fi pa á lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́.

Ohun mẹ́ta ló wà níwájú mi tí mi ò rí. Èkíní, ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ni. Ẹ́kísímà tí bàtà bá fà sábà máa ń mú ẹsẹ̀ méjèèjì, nítorí pé méjèèjì ló wà nínú bàtà. Ó máa ń tẹ̀lé ibi tí awọ tàbí rọ́bà bàtà ti kan ara, á sì sábà yọ àlàfo ọmọ ìka sílẹ̀. Èkejì, pupa náà ní etí. Etí rẹ̀ ga díẹ̀, ó ní ìpẹ́, àárín rẹ̀ sì ti ń mọ́. Ìrísí làpálàpá nìyẹn, ọmọ kékeré mọ̀ ọ́n lórí. Ẹ̀kẹta ló dùn mí jù: mi ò la ọmọ ìka ẹsẹ̀ wọn. Ká ní mo ti la àárín ọmọ ìka tó kéré jù àti èyí tó tẹ̀ lé e ni, ǹ bá ti rí awọ funfun tó rọ̀ bí ẹ̀kọ tó bọ́ sómi, pẹ̀lú ojú ẹran pupa lábẹ́ rẹ̀ àti ojú yíya kan nísàlẹ̀. Ibẹ̀ ló sábà ti máa ń bẹ̀rẹ̀, torí pé àwọn ọmọ ìka méjèèjì yẹn lẹ̀ mọ́ra jù, atẹ́gùn kì í débẹ̀.

Lọ́jọ́ kẹrin, Àáfà wá ṣàdúrà fún mi. Ó ní ẹsẹ̀ ti fúyẹ́. Ẹ fi èyí sọ́kàn, torí pé ibẹ̀ ni ẹ̀tàn wà. Sítẹ́rọ́ìdì máa ń pa pupa àti yíyún, nítorí pé ó ń dá ọwọ́ àwọn ọmọ ogun ara dúró. Kò pa kòkòrò làpálàpá, tó jẹ́ ẹ̀yà ebu. Ebu wá rí àyè, ó ń tàn kálẹ̀ láìsí ẹni tó ń bá a jà.

Oṣù kan àbọ̀ lẹ́yìn náà ni wọ́n gbé Àáfà dé. Pupa ti dé ọrùn ẹsẹ̀, kò sì ní etí mọ́ tí èèyàn lè fi dá a mọ̀. Bakitéríà ti gba ojú yíya tó wà láàárín ọmọ ìka wọlé: ojúgun wú, ó ń dán, ó gbóná bí ẹni fi iná sí i, ibà sì ń gbọ̀n ọ́n. A gbé e lọ sí ilé-ìwòsàn ńlá. Dókítà tó gbà á kò tíì béèrè nǹkan kan tó fi tẹ ìka rẹ̀ sáàárín ọmọ ìka ẹsẹ̀ náà, ó là á, ó sì wo ojú mi. Ọ̀gá mi tó kọ́ mi pé "ohun tó bá pupa tó ń yún, fi sítẹ́rọ́ìdì sí i" dúró níbẹ̀, kò sọ̀rọ̀. Mi ò tíì gbàgbé ìdákẹ́jẹ́ yẹn.

Wọ́n yẹ ṣúgà rẹ̀ wò, kò ga. Ẹ máa yẹ̀ ẹ́ wò nígbà gbogbo, torí pé ẹsẹ̀ onítọ̀ọ́ ṣúgà lè bàjẹ́ láti inú irú ojú yíya bẹ́ẹ̀. Ẹ̀kọ́ kẹta ni ti láàbù. Èmi ni wọ́n ní kí n ha awọ fún wọn. Mo ha èyí tó funfun tó rọ̀, èsì sì jáde pé wọn ò rí nǹkan. Ọmọ láàbù ló fi bí wọ́n ṣe ń ṣe é hàn mí: ìpẹ́ gbígbẹ láti etí ibi tó ń tàn lọ ni kí a fi abẹ tó kú ha sórí pépà dúdú. Ó kán potásíọ́mù haidirọ́kisáìdì 10% sí i, ó dúró fún bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ó sì pè mí kí n wo inú máíkúrósíkóòpù. Àwọn okùn tín-ín-rín tó ní oríkèé, tó ń pẹ̀ka, ló kún ibẹ̀. Látìgbà náà, bí láàbù bá sọ pé àwọn ò rí nǹkan lẹ́ẹ̀kan, mi ò kí ń tìtorí ẹ̀ sọ pé kò sí.

Wọ́n kọ́kọ́ fi oògùn bakitéríà lé ibà àti wíwú lọ. Wọ́n dá sítẹ́rọ́ìdì dúró, wọ́n sì sọ fún un pé yíyún á padà le fún ìgbà díẹ̀, kó má sá padà sọ́dọ̀ túùbù náà. Nítorí pé ó ti tàn jìnnà, tẹbinafíìnì oníhóró ni wọ́n kọ, 250 mílígíráàmù lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì. Bí mo bá ti là á wò lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ni, ìpara kulotirimasóólù lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ì bá tó o, kí ó máa kọjá etí ibi tó pupa, kó má sì dá a dúró nígbà tí yíyún bá lọ. Ẹ sì jọ̀ọ́, ẹ yé fi nísitatíìnì sí làpálàpá; ebu mìíràn ni ìyẹn ń bá jà.

Ọjọ́ tí Àáfà ń lọ sílé, ó bi mí pé, "Nọ́ọ̀sì, ṣé àlùwàlá mi ló fà á?" Mo ní rárá, omi tí wọ́n ń dì mọ́ inú ìbọ̀sẹ̀ lẹ́yìn àlùwàlá ló ń bọ́ ọ. Ó kàn rẹ́rìn-ín. Nígbà tí mo tún rí i lẹ́nu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí, ó ti ra sálúbàtà tó ṣí níwájú. Aṣọ funfun pélébé kan wà nínú àpò agbádá rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀, ó ń fi ìka rẹ̀ kékeré la àlàfo kọ̀ọ̀kan, ó sì ń fi aṣọ náà nu ún gbẹ kó tó wọlé.