Kòlẹ́sẹ̀ fún jíìmù

Ọmọ kan wọ ṣọ́ọ̀bù ní Tákíé, ní Ògbómọ̀ṣọ́, nírọ̀lẹ́ òní, ó ní ká di ṣùkú fún òun, torí ẹ̀ẹ̀mẹrin lọ́sẹ̀ lòun ń lọ jíìmù. Mo ní, "Àbúrò, ṣé o máa ń dùbúlẹ̀ gbé irin?" Ó ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, mà." Ṣùkú ò bá ìyẹn lọ: ibi tó ga lẹ́yìn orí ò ní jẹ́ kí orí balẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì.

Kòlẹ́sẹ̀ mẹ́jọ la dì fún un, láìfi àtàṣímẹ́ǹtì sí i. Ìwọ̀n ìka kan sẹ́yìn ibi tí irun ti bẹ̀rẹ̀ la ti mú ọ̀kọ̀ọ̀kan. A fi irun wẹ́wẹ́ iwájú sílẹ̀ pátápátá, torí òun ló kọ́kọ́ ń já. Bí kókó kéékèèké bá yọ nídìí irun, ó ti le jù nìyẹn. Ẹ tú u lọ́jọ́ náà gan-an, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dúró kó rọ̀ fúnra rẹ̀.

Ní ti òógùn, aṣọ òwú tó fẹ̀ tó ìka mẹ́ta ni kẹ́ ẹ wé, lórí awọ iwájú orí, kó má gun irun wẹ́wẹ́. Rọ́bà máa ń ha irun níbẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ṣe jíìmù tán, ẹ fi táwẹ́ẹ̀lì tútù tẹ iyọ̀ òógùn kúrò, ẹ má nù ún wọ́ọ́wọ́ọ́. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ tú u.