Ẹ má kọ "ó dáa" sínú ìwé ẹ̀rọ: ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ nípa àkọsílẹ̀ ìtọ́jú lóṣooṣù

Ọ̀rọ̀ tó ń ba ìwé ìtọ́jú ẹ̀rọ jẹ́ jù lọ ni "ó dáa". Ọ́ìlì, ó dáa. Omi, ó dáa. Bátìrì, ó dáa. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n á ṣe kọ ọ́ láti ọjọ́ kìíní títí oṣù á fi parí. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá wá daṣẹ́ sílẹ̀, tí ọ́dítọ̀ bá béèrè pé báwo ni ọ́ìlì ṣe ń lọ sílẹ̀ kó tó di pé ó bàjẹ́, ìwé náà ò ní nǹkan kan láti sọ. Èrò ọkàn ẹni tó kọ ọ́ ló wà níbẹ̀. Ohun tó rí kò sí níbẹ̀.

Jẹnẹrétọ̀ oní-dísù ni mo fẹ́ fi ṣàlàyé, torí pé ó ní mítà wákàtí, mítà wákàtí sì ni ẹ̀rí tó lágbára jù nínú irú ìwé yìí. Kì í padà sẹ́yìn, kò sì lè fi ju wákàtí 24 lọ sí i láàárín ọjọ́ kan. Ẹ̀rọ yòówù tó bá ní mítà wákàtí lè tẹ̀ lé ìlànà kan náà.

Ẹ jẹ́ kí ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan ní ìwé tirẹ̀, ojú ìwé kan fún oṣù kan. Tí ẹ bá kó ẹ̀rọ mẹ́ta sójú ìwé kan, bó pẹ́ bó yá, òǹkà èyí á bọ́ sórí ìlà tọ̀hún. Ní òkè ojú ìwé, ẹ kọ orúkọ ẹ̀rọ, nọ́ńbà tí ẹ fún un (ká ní JEN-02), àti nọ́ńbà tí ilé iṣẹ́ tó ṣe é tẹ̀ sára rẹ̀. Ẹni tó bá ń kọ ọ́ gbọ́dọ̀ dúró níwájú ẹ̀rọ kó kọ nọ́ńbà yìí láti ara páálí irin rẹ̀. Kó má wò ó lára ìwé oṣù tó kọjá, torí tí wọ́n bá ti gbé ẹ̀rọ mìíràn wá rọ́pò rẹ̀, ibẹ̀ la ti máa mọ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, òǹkà mẹ́ta ló kù: òǹkà mítà tó parí oṣù tó kọjá, òǹkà tó wà níbẹ̀ nígbà tí a pààrọ̀ ọ́ìlì gbẹ̀yìn, àti òǹkà tí a gbọ́dọ̀ tún pààrọ̀ rẹ̀.

Àwọn òpó tó tẹ̀ lé e kò gbọ́dọ̀ pọ̀. Ọjọ́, aago, òǹkà mítà, wákàtí tó fi ṣiṣẹ́ láti ìgbà tí a wò ó kẹ́yìn, ibi tí ọ́ìlì wà lára igi géèjì, iye lítà tí a fi kún un, omi rádíétọ̀, agbára bátìrì, iṣẹ́ tí a ṣe, àti ìbuwọ́lù. Mẹ́wàá ti tó. Tó bá ti ju bẹ́ẹ̀ lọ, ọwọ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ohun tí ojú ò rí. Lábẹ́ orúkọ òpó kọ̀ọ̀kan, ẹ tẹ ìwọ̀n tó yẹ kó wà síbẹ̀. Fún bátìrì 12 fólítì tó ti sinmi fún wákàtí díẹ̀, tí a wọ̀n kí a tó dáná sí ẹ́ńjìnnì, nǹkan bíi 12.6 ni bátìrì tó kún. Tó bá ti sún mọ́ 12.2, bí ìdajì ló kù nínú rẹ̀. Ìwọ̀n nìkan ni kí ẹ tẹ̀ síbẹ̀ o. Ẹ má tẹ èsì sínú àpótí fún ẹnikẹ́ni.

Òpó "wákàtí tó fi ṣiṣẹ́" ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń yọ kúrò, torí wọ́n ní a lè ṣírò rẹ̀ nígbàkigbà. Lójú tèmi, òun ni òpó tó ṣe pàtàkì jù. Ẹ wò ó báyìí: ní ọjọ́ 13 Oṣù Kẹfà, òǹkà mítà JEN-02 jẹ́ 4,884.8. Ní ọjọ́ 14, ó di 4,891.3, ṣùgbọ́n ọwọ́ ẹni tó ń kọ ọ́ yí, ó kọ 4,981.3. Tí òpó yìí bá wà, á yọ èyí kúrò nínú èyí lójú ẹsẹ̀, á sì rí wákàtí 96.5. Ọjọ́ wo ló ní wákàtí 96? Á padà wo mítà nígbà tó ṣì wà níwájú rẹ̀.

Tí òpó yẹn kò bá sí ńkọ́? Ní ọjọ́ 15, mítà ka 4,897.0. Ẹni tó fẹ́ kọ ọ́ á rí i pé ó kéré sí ti àná. Àwọn kan á rò pé ojú àwọn ló ṣì wò ó, wọ́n á sì kọ 4,987.0 kó lè bá ti àná mu. Láti ibẹ̀ lọ, ìwé ti fi 90 wákàtí ṣáájú ẹ̀rọ. Tó bá jẹ́ 5,000.0 ni àkókò láti pààrọ̀ ọ́ìlì, kí ọjọ́ 18 tó kọjá, ìwé á ti sọ pé àkókò ti tó, nígbà tí ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ ṣì ní ohun tó lé ní 80 wákàtí. Bí ọ́dítọ̀ bá sì wá wo mítà lójú ara rẹ̀, gbogbo ìwé oṣù náà ló máa di ohun tí kò ṣeé gbára lé, nítorí òǹkà méjì tó gba ipò ara wọn.

Àtúnṣe irú àṣìṣe yìí ní ìlànà tirẹ̀. Ẹ fa ìlà kan ṣoṣo gba àárín òǹkà tó ṣì, lọ́nà tí a ó ṣì lè kà á. Ẹ kọ èyí tó tọ̀nà sí òkè rẹ̀, kí ẹni tó ṣe àtúnṣe kọ lẹ́tà orúkọ rẹ̀, ọjọ́ tó ṣe é, àti ìdí. Fún ti òkè yìí, a ó fa ìlà sórí 4,981.3, a ó sì kọ: "4,891.3, A.O., 15 Oṣù Kẹfà, 8 àti 9 gba ipò ara wọn." Ọjọ́ tí a ṣe àtúnṣe ni a ó kọ, kí a má ṣe bí ẹni pé ọjọ́ 14 la ti rí i. Tí kò bá dá wa lójú pé 4,891.3 ni òǹkà náà, a kò gbọ́dọ̀ fi àròbájọ rọ́pò rẹ̀. A ó fa ìlà, a ó kọ "òǹkà yìí kò ṣeé gbà", a ó sì ṣírò wákàtí ọjọ́ méjèèjì pọ̀ láti 4,884.8 dé 4,897.0: wákàtí 12.2. Àlàfo tí a jẹ́wọ́ rẹ̀ sàn ju òǹkà tí a hùmọ̀ lọ.

Kò sí ọ̀dà funfun tí a fi ń pa ọ̀rọ̀ rẹ́ nínú ìwé yìí, kò sí pẹ́ńsùlù. Bírò tí yíǹkì rẹ̀ kì í parẹ́ ni kí ẹ lò. Ẹ ṣọ́ra fún irú bírò kan tí wọ́n ń tà pé a lè fi rọ́bà ìdí rẹ̀ pa á rẹ́: ooru ló ń mú yíǹkì rẹ̀ kúrò lójú, ní nǹkan bíi 60 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́lísíọ́ọ̀sì. Ìwé tí wọ́n bá gbé sórí ẹ́ńjìnnì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kú lè di funfun báláú.

Ọjọ́ tí ẹ̀rọ kò bá ṣiṣẹ́, ẹ má fi ìlà rẹ̀ sílẹ̀ lófo. Ẹ kọ òǹkà mítà, tí yóò jẹ́ bákan náà pẹ̀lú ti àná, wákàtí 0.0, kí ẹ sì kọ "kò ṣiṣẹ́". Ọjọ́ tí ẹnikẹ́ni kò bá wò ó, ẹ fa ìlà gba gbogbo àpótí rẹ̀ kọjá, kí ẹ kọ "a kò yẹ̀ ẹ́ wò" àti ìdí, kí ẹ sì bu ọwọ́ lù ú. Ìdánwò tó ń mú èèyàn ni láti padà kún ọjọ́ mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan náà. Ó sì máa ń hàn: yíǹkì kan náà, ìtẹ̀wọ́ kan náà, 6.0, 6.0, 6.0, 6.0. Ẹ́ńjìnnì kì í ṣiṣẹ́ bí aago ṣọ́ọ̀ṣì.

Ọ́ìlì ni kí ẹ kọ lẹ́ẹ̀mejì: bí ẹ ṣe bá a, àti bí ẹ ṣe fi í sílẹ̀. Tí ẹ bá kọ́kọ́ bù ú kún kí ẹ tó wo géèjì, géèjì á máa kún lójoojúmọ́ nínú ìwé, nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń mu ọ́ìlì bí omi. Ẹ kọ iye tí ẹ bù sí i pẹ̀lú ìwọ̀n lítà, kì í ṣe "díẹ̀".

Èyí ló ń jẹ́ kí ìparí oṣù ní ìtumọ̀. Ní 31 Oṣù Karùn-ún, JEN-02 wà ní 4,812.6, ní 30 Oṣù Kẹfà, ó di 4,998.1. Ó fi wákàtí 185.5 ṣiṣẹ́. Ẹ ro gbogbo òpó wákàtí pọ̀. Tí kò bá jẹ́ 185.5 gan-an, àṣìṣe wà níbì kan lójú ìwé, ẹ wá a kí ẹ tó bu ọwọ́ lù ú. A pààrọ̀ ọ́ìlì gbẹ̀yìn ní 4,750.0, ìwé ìlànà tó bá ẹ̀rọ wá ní kí a máa pààrọ̀ rẹ̀ ní gbogbo 250 wákàtí, nítorí náà 1.9 wákàtí ló kù: kí a pààrọ̀ rẹ̀ kí a tó dáná sí i ní ọjọ́ kìíní oṣù tuntun. Ẹ wá ro ọ́ìlì tí a bù kún un: ìdajì lítà lẹ́ẹ̀mẹrin, lítà 2. Ìdajì lítà péré ni oṣù tó ṣáájú, ní wákàtí 171. Wákàtí fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, ọ́ìlì di ìlọ́po mẹ́rin. Ẹ wo abẹ́ ẹ́ńjìnnì bóyá ó ń jò, ẹ wo èéfín bóyá ó ní àwọ̀ búlúù, ẹ wo omi rádíétọ̀ bóyá ọ́ìlì léfòó lórí rẹ̀. Kò sí ọjọ́ kankan nínú oṣù náà tí ẹnì kan lè rí èyí. Díẹ̀díẹ̀ ló ń dínkù. Àròpọ̀ ló fi í hàn.

Ẹni tó ń kọ ìwé kò gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹni tó ń fọwọ́ sí i ní ìparí oṣù. Kí alábòójútó mú ọjọ́ méjì láìyàn, kó fi wákàtí wọn wé dísù tí wọ́n rà àti tí wọ́n lò, kó sì wo mítà fúnra rẹ̀ kó tó bu ọwọ́ lù ú. Kí ojú ìwé kan wà níwájú ìwé náà tí ó ní orúkọ olúkúlùkù ẹ̀kún rẹ́rẹ́, lẹ́tà orúkọ rẹ̀ àti ìbuwọ́lù rẹ̀. Bí ọdún mẹ́ta bá kọjá tí "A.O." ti fi iṣẹ́ sílẹ̀, ibẹ̀ la ó ti mọ ẹni tó jẹ́.

Tí ẹ bá pààrọ̀ ọ́ìlì tàbí fílítà, ẹ kọ nọ́ńbà fílítà, iye lítà tí ẹ dà sí i, òǹkà mítà, àti nọ́ńbà rísíìtì. Ẹ ṣe ẹ̀dà rísíìtì tí ẹ̀rọ kékeré fi ooru tẹ̀, torí ọ̀rọ̀ orí rẹ̀ máa ń ṣá.

Mítà wákàtí fúnra rẹ̀ náà lè bàjẹ́. Lọ́jọ́ tí ẹ bá pààrọ̀ rẹ̀, ẹ kọ òǹkà tí mítà àtijọ́ dúró lé àti èyí tí tuntun fi bẹ̀rẹ̀ sórí ìlà kan náà, kí ẹni méjì bu ọwọ́ lù ú, kí ẹ sì ya fọ́tò méjèèjì pọ̀. Láti ọjọ́ náà, ẹ máa gbé òǹkà àtijọ́ yẹn lọ sí òkè ojú ìwé tuntun lóṣooṣù, kí ẹni tó bá rí 37.4 lára mítà lè mọ̀ pé ẹ́ńjìnnì náà ti lé ní ẹgbẹ̀rún márùn-ún wákàtí.